Ejò ilé ni àbí olóró? Ohun tí ẹ ó wò nínú fọ́tò

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ejò kékeré kan jáde lẹ́yìn àpò ìrẹsì wa lálẹ́ àná, mo fi fóònù ya á kó tó wọ ihò. Ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ìyàwó mi ní tí orí ejò kò bá ti fẹ̀, kò lóró. Ṣé òótọ́ ni?*

Rárá o. Orí paramọ́lẹ̀ fẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ejò dúdú kékeré kan wà tó ń gbé inú ilẹ̀, tó máa ń jáde lálẹ́ nígbà òjò. Orí rẹ̀ kò fẹ̀ ju ọrùn lọ, bẹ́ẹ̀ oró wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ni wọ́n sábà máa ń ṣì mú fún ejò ilé.

Ẹ fẹ fọ́tò yín lójú fóònù, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ojú ejò ilé tóbi, ọmọlójú rẹ̀ sì dúró lóòró bí ti ológbò. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé olóró nìkan ló ń ní irú ojú yẹn, ṣùgbọ́n ti ṣèbé róbótó ni! Ojú ejò inú ilẹ̀ ní tirẹ̀ kéré débi pé ẹ lè má rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìlà. Lára ọ̀pọ̀ ejò ilé, ìlà ràkọ̀ràkọ̀ kan máa ń ti imú gba orí ojú lọ sẹ́yìn orí, òmíràn a ti ojú lọ sí igun ẹnu. Ó lè ti ṣá lára èyí tó dàgbà, nítorí náà àìrí ìlà nìkan kò sọ ọ́ di olóró.

Bí fọ́tò bá mọ́ dáadáa láti ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ìpẹ́ tó wà láàárín imú àti ojú. Ejò ilé ní ìpẹ́ kékeré kan láàárín ìpẹ́ tó yí ihò imú ká àti èyí tó kan ojú níwájú. Ejò inú ilẹ̀ kò ní in, ṣèbé náà kò ní in. Ìrù ejò inú ilẹ̀ kúrú, ìparí ìrù náà sì mú ṣóńṣó. Ti ejò ilé gùn, ó ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀.

Nínú fọ́tò tiyín, iná fóònù ti sọ ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ imú di funfun, n kò lè ka ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ńlá náà hàn, ìlà orí ojú hàn, ìrù rẹ̀ sì gùn. Ejò ilé ni. Eku àti alángbá ló ń wá wọlé. Ká ní ara nìkan ló hàn ni, mi ò ní dá a lórúkọ, olóró ni n bá sì kà á sí.

Ẹ má ṣe di èyíkéyìí mú lẹ́yìn orí láti wò ó. Ejò inú ilẹ̀ lè yọ eyín oró kan síta láti ẹ̀gbẹ́ láìla ẹnu, kó fi gún ìka tó dì í mú. Kò sí abẹ́rẹ́ apa-oró ejò tó ń ṣiṣẹ́ fún oró rẹ̀. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má dì í ní okùn, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́: ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ, pẹ̀lú fọ́tò náà lọ́wọ́.