"Fee: 0.00" ni wọ́n kọ, àmọ́ owó mi ò pé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mò ń gbé, mo máa ń tẹ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún kọ́sítọ́mà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó san pọ́n-ùn 480 fún mi, áàpù tí mo fi gbà á kọ "Fee: 0.00", 892,584 náírà ló wọ akáǹtì mi. Mo ṣírò ẹ lórí Google, ó yẹ kó lé ní 930,000. Níbo ni ìyókù wọlé sí? Sítétímẹ́ǹtì mi rèé, ẹ bá mi wò ó.

Ìdáhùn: Inú réètì ló wọlé sí, àbúrò mi. Tó o bá ti wo àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn bàbá wa lóko rí, wàá mọ̀ pé ẹni tó ń rà á lè ní òun ò gba owó ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ tí sikéèlì ẹ̀ bá ń ka kílò 62 sí 60, ṣé kò tíì gba owó ẹ̀ báyẹn? "Fee: 0.00" yẹn kì í ṣe irọ́, wọn ò yọ fíì lóòótọ́, réètì ni sikéèlì tiwọn.

Réètì tó o rí lórí Google, àárín ni, ìyẹn àárín iye tí wọ́n fẹ́ fi ra owó náà àti iye tí wọ́n fẹ́ fi tà á lọ́jà àwọn báǹkì. Ṣàṣà lẹni tó máa fún èmi àti ìwọ ní iye yẹn gẹ́lẹ́ láìgba fíì, torí ẹni tó ń ṣe ṣéńjì gbọ́dọ̀ rà ní pọ́ọ́kú kó sì tà ní ọ̀wọ́n, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni síprẹ́ẹ̀dì. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn o, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ kí wọ́n wá máa pariwo pé ọ̀fẹ́ ni.

Mo wo sítétímẹ́ǹtì ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣẹ́ owó ẹ. Akáǹtì dọ́là nìkan lo ní lórí áàpù yẹn, pọ́n-ùn ni ọ̀gá ẹ san, ni wọ́n bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di dọ́là. Lọ́jọ́ yẹn, tá a bá pa iye rẹ̀ pọ̀ kó má dà wá láàmú, pọ́n-ùn 1 jẹ́ dọ́là 1.30 ní àárín, 1.265 ni wọ́n fún ẹ, torí náà dọ́là 607.20 ló wọlé dípò 624. Nígbà tó o wá fẹ́ gba náírà, àárín jẹ́ 1,500, wọ́n fún ẹ ní 1,470. Ti àkọ́kọ́ gba nǹkan bíi 25,200 náírà lọ́wọ́ ẹ, ìkejì gba 18,216, àpapọ̀ ẹ̀ 43,416 nínú 936,000, ó lé ní náírà 4 nínú gbogbo 100. Ti àkọ́kọ́ yẹn lèèyàn kì í tiẹ̀ rí, torí ó ti ṣẹlẹ̀ kó o tó ṣí fóònù.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò kì í wo fíì mọ́ rárá, mo kàn máa ń fi iye tí kọ́sítọ́mà san pín náírà tó wọlé. Tìẹ, 892,584 tá a fi 480 pín jẹ́ 1,859.55, iye tí wọ́n ra pọ́n-ùn kan lọ́wọ́ ẹ nìyẹn, nígbà tí àárín jẹ́ 1,950. Ká ní áàpù mìíràn gba fíì pọ́n-ùn 6 gbangba, tó wá ra 474 tó kù ní 1,930, 914,820 náírà lò bá gbà, ó fi 22,236 ju ti ọlọ́fẹ̀ẹ́ lọ.

Tó o bá fẹ́ mọ bí síprẹ́ẹ̀dì wọn ṣe fẹ̀ tó, ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra dọ́là padà lórí áàpù yẹn kan náà, má tẹ̀ ẹ́ parí o. Tí wọ́n bá ń tà á ní 1,530 tí wọ́n sì ń rà á ní 1,470, 60 náírà lórí dọ́là kan nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan náà ni kó o wo méjèèjì, torí réètì máa ń yí láàárín ọjọ́, àwọn kan sì máa ń fẹ̀ ẹ́ sí i ní Sátidé àti Sọ́ńdè tí ọjà owó bá ti pa. Má sì fi réètì àwọn abọ́kí díwọ̀n ti báǹkì, ọjà tiwọn yàtọ̀.

Ní tìẹ, wá áàpù tó máa fún ẹ ní akáǹtì pọ́n-ùn gan-an, kó o fi nọ́ńbà ẹ̀ sórí ínfóìsì, kó o wá ṣẹ́ ẹ sí náírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. O lè ní kí kọ́sítọ́mà ẹ máa san dọ́là fún ẹ o, àmọ́ báǹkì tiẹ̀ ló máa wá ṣẹ́ ẹ níbẹ̀, ó lè ní kó o bá òun dín owó iṣẹ́ kù.